Wọ́kà Tó Dákẹ́ Láìkú: Ìkìlọ̀ fún Ìlà Iṣẹ́ Tí Kò Sún Mọ́

 

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀ ìlà iṣẹ́, nítorí ilé ìmọ̀ la wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sanwó lórí ìkànnì, a kì í dá a dúró títí ímeèlì rísíìtì rẹ̀ yóò fi lọ. A ó ti iṣẹ́ náà sínú ìlà, wọ́kà yóò sì fà á jáde nígbà tó bá kàn án. Celery tó ń fi Redis ṣe ibi ìtò iṣẹ́ ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ lónìí, torí àwọn tó ń lò ó ti ròyìn àìsàn wọ́kà tó dákẹ́ láìkú léraléra.

Bí àìsàn náà ṣe ń wá nìyí. Redis lè kú kó sì jí, tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́kà á tún so ara rẹ̀ mọ́ Redis, á kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé òun ti padà, ṣùgbọ́n kò ní fa iṣẹ́ kankan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni máa rí kà. Ẹ lè ti kọ `Restart=always` sílẹ̀ fún systemd, kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí pé ètò náà kò kú. Ó wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tó ń wò ó láti ìta kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí wọ́kà tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán tó ń sinmi.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn kan ti ń fà á láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní kí a kàn máa ka iye iṣẹ́ tó wà nínú ìlà. Kí a pàṣẹ `LLEN celery`, bí ó bá ti ju 1,000 lọ, kí àláàmù dún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn ún ṣe, ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ 20 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan lọ́sàn-án. Bí wọ́kà bá dákẹ́, ó di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú 50 kí ìlà tó pé 1,000. Lóru ńkọ́, nígbà tó jẹ́ 2 péré ló ń wọlé? Ìṣẹ́jú 500 ni yóò gbà. Wọ́kà tó dákẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó di aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ẹ wá wo ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde. Iṣẹ́ 5,000 ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àláàmù ké, bẹ́ẹ̀ wọ́kà yín ń ṣe 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì parí gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 100. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó ń ṣọ́ sáfà á pa ohùn fóònù rẹ̀. N kò lè bá a wí.

Wọ́n á dáhùn pé kí a dín ààlà náà kù sí 100. Òru ṣì gba ìṣẹ́jú 50, ọ̀sán á sì kún fún ariwo. Wọ́n á tún ní kí a wò ó bóyá ìlà ń gùn sí i. Ìlà lè máa gùn sí i nígbà tí ara wọ́kà le dáadáa, tó kàn jẹ́ pé èrò pọ̀. Èyí tó burú jù ni pé iye yẹn gan-an kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá yí Celery padà, ó máa ń gba iṣẹ́ 4 sílẹ̀ de ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ wọ́kà, ó sì ń kó wọn sí ibòmíràn nínú Redis tó ń jẹ́ `unacked`. Iṣẹ́ lè há síbẹ̀ kí `LLEN` sì máa sọ fún yín pé 0 ló kù.

Ẹni tó gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kì í ka iye igbá tó wà nílẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó ń bèèrè pé láti ìgbà wo ni igbá àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí àláàmù wa máa bèèrè nìyẹn.

Mo rántí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti pè mí wá wo irú ọ̀ràn yìí. Àwòrán iye iṣẹ́ inú ìlà wà lára ògiri wọn, ó tóbi, ó sì lẹ́wà. Wọ́kà ti dákẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìsinmi ni, iṣẹ́ tó wọlé kò pọ̀, nítorí náà ìlà kò kan ààlà wọn rárá. Àwọn tí wọn kò rí rísíìtì wọn gbà ló wá sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí a máa rán ìránṣẹ́ gba inú ìlà kan náà kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Cron ni yóò máa pe `iranse.delay(time.time())`, wọ́kà yóò sì ṣe èyí:

```python
@app.task
def iranse(akoko_ifiranse):
    r.set("iranse:kehin", akoko_ifiranse)
```

Ẹ kíyè sí i pé àkókò tí a rán an ni a ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe àkókò tó dé. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Bí ìlà bá ti falẹ̀ tó ìṣẹ́jú 40, ìránṣẹ́ kan ṣì lè máa dé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bó bá sì jẹ́ àkókò tó dé la kọ, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé tuntun ni.

Ètò kékeré kan tí kò sí nínú wọ́kà yóò máa ka àkókò yẹn láti inú Redis fún Prometheus, ní orúkọ `iranse_kehin`. Òfin rẹ̀ kò gùn:

```yaml
- alert: WokaDake
  expr: time() - iranse_kehin > 300 or absent(iranse_kehin)
  for: 2m
```

Ìránṣẹ́ tó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí i, àláàmù á dún, ìbáà ṣe ọ̀sán ìbáà ṣe òru. Ọjọ́ èsì ìdánwò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní mú un dún lásán, torí ìṣẹ́jú àáyá 100 kò tó 300. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ `absent` kúrò nítorí pé ẹ fẹ́ kí òfin yín kúrú. Mo ti rí i tó. Bí ètò tó ń ka àkókò náà bá kú, Prometheus kò ní rí nǹkan kan tó máa fi wé 300, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ìkìlọ̀ fún ohun tó dákẹ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Àwọn ibì kan wà tí òfin yìí nìkan kò tó. Bí iṣẹ́ kan ṣoṣo bá lè gba ogún ìṣẹ́jú, tó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ló wà, 300 kéré. Ẹ fi ààlà sí òkè iṣẹ́ tó pẹ́ jù. Bí wọ́kà bá jẹ́ 4, tí 1 dákẹ́, ìránṣẹ́ á gba ọ̀dọ̀ àwọn yòókù kọjá, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ máa ṣọ́ iye iṣẹ́ tí wọ́kà kọ̀ọ̀kan ń parí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo SQS ti Amazon ní `ApproximateAgeOfOldestMessage` lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ orí iṣẹ́ tó pẹ́ jù nínú ìlà ló ń sọ.

Ẹ sì dán an wò. Lórí sáfà ìdánwò, ẹ fi `kill -STOP` dá olórí ètò wọ́kà dúró. Yóò wà níbẹ̀, kò ní kú, kò sì ní fa iṣẹ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wo bóyá fóònù ẹni tó ń ṣọ́ yóò dún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi `kill -CONT` tú u sílẹ̀. Bí fóònù kò bá dún, ẹ má tíì gbé òfin náà lọ sórí sáfà gidi.