Fífún Àkọsílẹ̀ Pràkítíkà ní Máàkì: Àyẹ̀wò Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù

Àtẹ èsì, gíráàfù àti àbájáde ni olùkọ́ ń fún ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ pràkítíkà físíìsì. Ìlànà ìfúnni-ní-máàkì ló ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ sí àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gbà á. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ń lò. Àwọn olùkọ́ físíìsì láti Oregun títí dé Agége mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, nítorí náà àlàyé rẹ̀ kò ní gùn.

Nínú àyẹ̀wò pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, akẹ́kọ̀ọ́ á so bọ́ọ̀lù irin kékeré mọ́ okùn. Á wọn gígùn rẹ̀ láti ibi tí okùn ti rọ̀ dé àárín bọ́ọ̀lù, á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á sì ka àkókò tó fi fì lọ fì bọ̀ nígbà 20. Á tún un ṣe fún gígùn márùn-ún, láti 0.90 mítà sí 0.50. Àkókò ìfì kan ni T. Ìlà tààrà ni gíráàfù T² sí gígùn okùn. Bí a bá fi ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà yìí pín 4π², g ni yóò jáde. Ní Èkó, g súnmọ́ 9.8.

Ní ti àtẹ, kí orí òpó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ẹyọ òṣùwọ̀n, kí iye nọ́ńbà lẹ́yìn ojú-àmì sì dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láyé aago onírin tí a ń fi ọwọ́ wé, abẹ́rẹ́ aago fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ pé ibi báyìí ni ìwọ̀n mọ. Aago onínọ́ńbà ti dé báyìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti dẹ́kun kíkọ́ ọmọ ní ibi tí ìwọ̀n mọ. Ìdí nìyẹn tí 38.1, 36 àti 33.60 fi ń wà nínú òpó kan náà.

Awuyewuye tó ti pẹ́ jù láàárín àwọn tó ń fúnni ní máàkì dá lórí g. Àwọn kan máa ń ṣí ojú ìwé ìkẹyìn wò ṣáájú. Bí g bá jẹ́ 9.8, wọ́n á fi àmì tó dára sí gbogbo rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fa igi lé e. Ìwà yìí kò tọ́, ó sì yẹ kí a fi àpẹẹrẹ tú u wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ka "ọ̀kan" ní kété tó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà tó dé "ogún", ìfì 19 péré ló ṣẹlẹ̀. Fún okùn 0.90 mítà, ó rí ìṣẹ́jú àáyá 36.2 dípò 38.1, fún 0.50, ó rí 27.0 dípò 28.4. Ó fi 20 pín in, T jẹ́ 1.81 àti 1.35, T² sì jẹ́ 3.28 àti 1.82. Ojú-àmì márààrún bọ́ sórí ìlà kan, ìdagẹ̀rẹ̀ jẹ́ 3.65, g sì di 10.8.

Gbogbo àkókò rẹ̀ ló dín ní ìdá kan nínú ogún, ìdí nìyí tí ìlà náà fi ṣì tọ́ tó sì gba orí òdo kọjá. Àṣìṣe gígùn yàtọ̀ sí i. Ẹni tó wọn okùn dé orí bọ́ọ̀lù dípò àárín rẹ̀, tó fi sẹ̀ǹtímítà kan dín in, yóò rí g tó dára, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ yóò gé ìlà òró ní nǹkan bí 0.04 lókè òdo. Olùkọ́ tó bá wo g nìkan yóò fìyà jẹ ẹni àkọ́kọ́ kọjá ààlà, yóò sì jẹ́ kí ti ẹnì kejì lọ láìrí i. Ohun tó tọ́ ni kí ẹni àkọ́kọ́ pàdánù máàkì ìwọ̀n àkókò àti ti pípéye g, kó sì gba ti àtẹ, gíráàfù, ìdagẹ̀rẹ̀ àti ìṣírò. A kì í torí àṣìṣe kan ṣoṣo gba máàkì iṣẹ́ tó ṣe dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn alátakò ń sọ pé ilé-iṣẹ́ tó wà ní Oregun kì í sanwó fún ìdáhùn tí kò tọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ọjà wò nílé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Máàkì tó dá lórí g nìkan ló ń sọ ọmọ di ẹni tó ń ti 9.8 ṣírò padà sẹ́yìn. Àmì irú èsì bẹ́ẹ̀ kò fara sin: kò sí ojú-àmì kan tó yà díẹ̀ kúrò lórí ìlà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ènìyàn kì í tẹ aago láìyẹ̀.

Ní ti gíráàfù, kí òṣùwọ̀n jẹ́ kí ojú-àmì gba ju ìdajì bébà lọ, kí onígun mẹ́ta ìdagẹ̀rẹ̀ tóbi, kí a sì mú un lórí ìlà, kì í ṣe láti inú àtẹ.

Nínú àbájáde, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ g pẹ̀lú ẹyọ rẹ̀, kó sì sọ ìṣọ́ra tó ṣe gan-an, bíi pé ó pa fáànù kó tó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Olùkọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò náà pẹ̀lú okùn àti bọ́ọ̀lù kan náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní iye kankan lọ́wọ́ tí yóò fi díwọ̀n ti ọmọ.