Eyín Tó Yọ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé Arépò, ẹ fi ahọ́n kan eyín tó gbẹ̀yìn pátápátá nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti tó ọmọ ọdún 6 tàbí 7, ó ṣeé ṣe kí eyín ńlá kan ti yọ níbẹ̀. Èyí kì í ká bí eyín ọmọdé. Tó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù mọ́.

Orí rẹ̀ ní kòtò tóóró tí súìtì máa ń há sí. Kòkòrò ẹnu á jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Ìdí nìyí tí súìtì tí ẹ ń lá díẹ̀díẹ̀ títí dọ̀sán fi burú ju èyí tí ẹ jẹ tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan, fọ eyín fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀yìn yẹn. Ẹ tutọ́ dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu.

Ẹ sọ fún màmá yín: kí eyín tó lu, àmì funfun bí ẹfun ló kọ́kọ́ ń hàn, kì í sì í dunni. Dókítà eyín, bí àwọn ti LASUTH n'Íkẹjà, lè rí i nígbà tí eyín ṣì ṣeé gbà là.