Ta Ni "Wọ́n"? Àkíyèsí Lórí Títún Àkọsílẹ̀ Ìfiṣẹ́léni-lọ́wọ́ Kọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kò jẹ mọ́ ewì tàbí ìtàn àròsọ. Ó jẹ mọ́ irú ìwé kan tí gbogbo wa ń kọ, tí a kì í sì í kà sí ìwé rárá, ìyẹn àkọsílẹ̀ kánmọ́kánmọ́ tí òṣìṣẹ́ tó ń lọ máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, báwo ni a ó ṣe tún un kọ tí ẹni tó ń bọ̀ yóò fi lè fi ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ tí a mọ̀ dáadáa. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì wa, olùkọ́ kan wà tó ń bójú tó ètò ìdánwò. Òun ló ń gba máàkì jọ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé èsì, tí ìwé náà yóò sì ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka lọ sí ìgbìmọ̀ fákọ́tì, kí ó tó dé Sẹ́nẹ́ètì. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kà yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀:

"Èsì ọdún kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku ti kọ́ọ̀sì kan. Wọ́n ní àwọn yóò fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ rán wọn létí. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣàìsàn yẹn, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní kò burú."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Lójú ẹni tó kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló yé kedere. Irú àkọsílẹ̀ yìí dà bí àrokò. Bí ẹnìkan bá fi owó-ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ láyé àtijọ́, ẹni tó rí i gbà yóò mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ ń fà mọ́ òun, nítorí àwọn méjèèjì ló gbọ́ "fà" nínú "ẹ́fà". Lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà, owó-ẹyọ mẹ́fà lásán ni. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ kò tíì gbọ́ èdè ọ́fíìsì tó ń bọ̀.

Ẹ wo "wọ́n" àti "wọn", tó jẹ yọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Ó lè tọ́ka sí ènìyàn púpọ̀. Ó lè tọ́ka sí àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè dúró fún ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ, bí ìgbà tí a bá ní "wọ́n ti ti ilẹ̀kùn". Nínú àpẹẹrẹ wa, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti olùkọ́ tó ni kọ́ọ̀sì. Méjì tó kẹ́yìn lè jẹ́ ti Olórí Ẹ̀ka, ó sì lè jẹ́ ti ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá kà á ní kánjú yóò rò pé ẹnìkan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀wọ̀ ló fa èyí, nítorí a kì í pe àgbà lórúkọ. Alátùnkọ kò gbọdọ̀ ba ọ̀wọ̀ náà jẹ́. Kí ó fi oyè àti ipò sí i lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn "wọ́n" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́.

Èyí tó le jù ni "kò burú". Gbogbo wa mọ̀ pé gbólóhùn yìí ni àgbà fi ń pa ọ̀rọ̀ dé. Ó lè túmọ̀ sí pé "mo gbà". Ó lè túmọ̀ sí pé "mo ti gbọ́", tàbí pé "ẹ kọ ọ́ wá sínú ìwé". Akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn kò jẹ́ kó ṣe ìdánwò nílò ìwé dókítà àti ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan kò tó. Àṣìṣe tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn alátùnkọ ni pé wọn a máa dán gbólóhùn náà títí yóò fi di "wọ́n ti fọwọ́ sí i". Bí àtúnkọ bá dá wa lójú ju àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, tí a kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè láàárín méjèèjì, ẹ mọ̀ pé ìtumọ̀ ti yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ń lọ ṣì wà lórí àga ni kí a bi í: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ wo? Ìwé wo ló wà ńlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó dáhùn. Àtúnkọ náà yóò wá rí báyìí:

"Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣàìsàn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Olórí Ẹ̀ka nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lẹ́nu, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà. Wọn kò tíì kọ nǹkan kan. Ìwé dókítà wà nínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kí ẹ kọ lẹ́tà sí Olórí Ẹ̀ka, kí ẹ so ìwé dókítà mọ́ ọn, kí ó dé ọwọ́ wọn ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 14, nítorí pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ 18. Títí ìgbìmọ̀ yóò fi pinnu, ẹ má ṣe kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀.

"Ti èsì ọdún kẹta. Nínú kọ́ọ̀sì 10, máàkì 9 ti wà nínú ìwé èsì. Lítíréṣọ̀ alohùn ló kù. Olùkọ́ tó ni ín ṣèlérí rẹ̀ fún ọjọ́ 12. Bí kò bá dé ní ọjọ́ 13, ẹ sọ fún Olórí Ẹ̀ka.

"Ti kọ́kọ́rọ́. Mọ̀síńjà àgbà, tí a ń pè ní Bàbá, ló ń tọ́jú rẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka ní èkejì."

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ti dorí àkọsílẹ̀ náà kodò. Ohun tó kẹ́yìn ló di àkọ́kọ́, nítorí òun ló lè ba ọdún ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹni tó ń lọ a máa kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ṣáájú, a sì máa sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ní ìparí, pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" pẹ̀lú ti di ọjọ́ tó ní nọ́ńbà, torí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní déètì, a kò sì mọ ọ̀sẹ̀ tó ń kà láti ibẹ̀.

Kíkọ nìkan kò tó ṣá. Àwọn oníṣègùn ti dán irú ètò yìí wò ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé 9 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Wọ́n ṣètò bí dókítà tó ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yóò ṣe fi aláìsàn lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́, lẹ́nu àti nínú ìwé, wọ́n sì kọ́ àwọn dókítà náà lẹ́kọ̀ọ́. Àṣìṣe ìtọ́jú dín kù ní ìdá 23 nínú 100. Ohun tó kẹ́yìn nínú ètò náà ni pé ẹni tó gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà fún ẹni tó ń lọ. Ní ọ́fíìsì tiwa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un.

Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ ńkọ́, tí ìpè kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nígbà náà, kí alátùnkọ kọ ọ́ gbangba pé "a kò mọ ẹni tí 'wọ́n' jẹ́ níbí, ẹ bi Olórí Ẹ̀ka". Kí ó sì so àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀. Ẹlòmíràn lè rí ohun tí òun kò rí nínú rẹ̀. Ẹ tún wo "ọmọ tó ṣàìsàn yẹn" lẹ́ẹ̀kan sí i. "Yẹn" ń sọ fún wa pé òǹkọ̀wé gbà pé òǹkàwé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, bóyá lẹ́nu akọ̀wé ẹ̀ka. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé náà ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ béèrè.