"Ẹ Ṣe É, A Máa Yanjú Rẹ̀": Kí Ni Láńlọ́ọ̀dù Gbà?

Ọ̀rọ̀ láńlọ́ọ̀dù àti ayálégbé la mú wá lónìí, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti ṣe gbogbo àdéhùn wọn. Bí ìjà bá dé, kálukú á na fóònù síta, á ní, "Ẹ wò ó, ó gbà!" Kí ló gbà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní Ìyá Ìbejì ń gbé ilé Alájì ní Agége, ₦600,000 lọ́dún. Lóṣù Kẹwàá, ó kọ̀wé sí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Páànù ẹ̀yìn ń jò. Kápẹ́ńtà ní ₦85,000 ni. Ṣé kí n ṣe é, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé?" Alájì fèsì: "Mo ti rí i." Òjò tún wọlé, obìnrin náà tún kọ̀wé. Alájì wá ní: "Ẹ ṣe é. Tí owó ilé bá tó san, a máa yanjú rẹ̀." Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìyá Ìbejì fi rìsíìtì ₦120,000 ránṣẹ́, torí ó pààrọ̀ sílíǹ, ó sì kun yàrá. Alájì dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Lóṣù Kejìlá, Alájì kọ̀wé pé owó ilé á di ₦750,000 láti oṣù Kìíní. Ìyá Ìbejì ní: "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣé." Ìgbà tí àsìkò tó, ₦480,000 ló san. Ni ariwo bá ta.

Bí mo ṣe máa ń kà á nìyí. Mo máa ń to ọ̀rọ̀ náà bí ọjọ́ àti aago ṣe tò ó, láti inú fóònù àwọn méjèèjì, torí àwòrán tí ẹnì kan gé wá lè má gbé ìdáhùn tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé ìbéèrè ni ọ́, ṣé ìkíni ni, àbí ìdáhùn sí ohun kan pàtó?

"Mo ti rí i" kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n "Ẹ ṣe é" yàtọ̀. Alájì ti mọ̀ pé ₦85,000 ni, ó mọ̀ pé wọ́n ní kí òun yọ ọ́ nínú owó ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì so ó mọ́ ìgbà tí owó ilé bá tó san. Lójú tèmi, ó ti gba ₦85,000. Òfin ilé gbígbé ti Èkó ti ọdún 2011 sì ti fi àtúnṣe ìta ilé sọ́rùn láńlọ́ọ̀dù, orí ilé sì wà lára rẹ̀.

₦35,000 tó lé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dá a lábàá kí wọ́n tó ná an. "Ẹ kú iṣẹ́" sì jẹ́ ohun tí ọmọ Yorùbá ń kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́. Kò lè fi gbèsè lé Alájì lórí. Bí sílíǹ bá bàjẹ́ nítorí òjò, Ìyá Ìbejì lè bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò lè sọ pé wọ́n jọ ṣàdéhùn.

Báyìí náà ni a gbọ́dọ̀ ka "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣé." Mo rọ ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù, ẹ má ka ọ̀wọ̀ sí àdéhùn. Obìnrin náà gbọ́ ni, kò gbà. Síbẹ̀, òun náà kò sọ pé òun kò gbà, èyí sì ń dùn mí, nítorí bó bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá má dojú rú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wàyí. Bí a bá yọ ₦85,000 kúrò nínú ₦600,000, ó ku ₦515,000. Ó san ₦480,000, nítorí náà ó ṣì jẹ ₦35,000, kò sí àní-àní ńbẹ̀. Ohun tó ku láti bá ara wọn sọ ni ₦150,000 tí Alájì fẹ́ fi kún un. Bí wọn kò bá rí ojútùú, òfin Èkó yẹn fún ayálégbé láyè láti bi ilé ẹjọ́ bóyá àfikún náà ti pọ̀ jù.

Lónìí gan-an, ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì kọ ránṣẹ́ nìyí: "Alájì, ẹ kú iṣẹ́. ₦85,000 ti páànù ni mo yọ. Mo máa san ₦35,000 tó kù lọ́jọ́ Ẹtì. Ti ₦750,000, n kò tíì gbà, mo fẹ́ kí a jókòó sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé oṣù wo sí oṣù wo ni owó yìí wà fún." Bí Alájì bá pè é lórí fóònù dípò kó kọ̀wé, kí Ìyá Ìbejì gbọ́ ohun tó sọ, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ padà sí i lọ́jọ́ náà: "Bí a ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyí, sà. Tí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe."