Lẹ́yìn Ọjọ́ Ojúde Ọba: Ọ̀rọ̀ Ìgbà àti Ọ̀rọ̀ Gbogbo Ìgbà

Wọ́n ní kí olùbánisọ̀rọ̀ yìí sọ ìdí tí èrò fi máa ń tú lórí ìwé ìròyìn orí ayélujára nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní gba ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ ìgbà ni èyí tí àkókò rẹ̀ máa ń yípo dé: Iléyá, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ìbò. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìgbà ni èyí tí ẹnìkan ń wá lónìí, tí ẹlòmíràn yóò tún wá lọ́dún mẹ́ta sí i. Ariwo ni ẹ̀kẹta: ó bú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí fẹ́ràn jù, ẹ ó fara dà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 2024, Ìjẹ̀bú-Òde kún bámúbámú fún Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwọn regbéregbé á wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ kan á tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwòrán ọkùnrin kan lórí ẹṣin, Farooq Oreagba, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti ara fínfín, tàn kárí ayé.

Kò sí olóòtú tí kò fẹ́ gbé àwòrán yẹn, kò sì burú. Ibi tó kù sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní nǹkan mìíràn nílé fún àlejò tó bá béèrè pé: kí ni regbéregbé? Báwo ni èèyàn ṣe ń wọ ọ̀kan? Kí ni ẹṣin ń wá níbẹ̀? Àlejò wo àwòrán, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àfinúrò ṣírò rẹ̀. Ká ní àwòrán náà mú òǹkàwé 40,000 wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti 4,000 ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó sì jẹ́ 1,000 péré ló tẹ̀ lé e títí ọdún fi yí po. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45,000. Ká ní àròkọ márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìbéèrè àlejò yẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí òǹkàwé 800 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 4,000 lóṣù àti 48,000 lọ́dún. Lọ́dún kejì, àwòrán ti di ti àná. Àwọn márùn-ún yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ibí yìí ni ìjà àtijọ́ ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kan tó kọ́ olùbánisọ̀rọ̀ yìí níṣẹ́ máa ń sọ pé ìwé ìdìkàrà ni ìròyìn àná, pé kí akọ̀ròyìn máa sá tẹ̀ lé tòní nìkan. Ní yunifásítì, àwọn ẹlẹgbẹ́ kan wà ní òdìkejì: wọ́n ní kí a kọ ohun tó máa pẹ́, kí a fi ariwo sílẹ̀ fún aláriwo. Ogún ọdún ni olùbánisọ̀rọ̀ yìí fi ń bá ìhà méjèèjì jà, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo ohun tí Isaac B. Thomas ṣe. Lọ́dún 1929 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn rẹ̀. Nígbà tó di 1930, àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Ta ló rántí ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àwọn lẹ́tà yẹn? Síbẹ̀, kì í ṣe pé Thomas kẹ́yìn sí ọjà ọ̀sẹ̀. Ó gbé ìtàn náà kalẹ̀ bíi lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn òǹkàwé sì ń kọ̀wé dáhùn. Ariwo ọ̀sẹ̀ ló kó èrò wá bá ohun tó pẹ́.

Bàbá olùbánisọ̀rọ̀ yìí dá oko kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ gbìn sáàárín rẹ̀, kó lè ṣíji bo àwọn ọmọ kòkó, kí ilé sì rí nǹkan jẹ ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin tí kòkó kò tíì so. Kò sẹ́ni tó bi í pé èwo nínú méjèèjì ni oko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ṣe rí: ìgbà tí èrò pọ̀ nínú ilé ni kí ìròyìn àwòrán, láti ìpínrọ̀ rẹ̀ kejì, ti tọ́ka sí àròkọ regbéregbé. Bí ẹ bá fi í di oṣù Kẹjọ, kò sẹ́ni tí ẹ ó tọ́ka fún mọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òṣùpá, nítorí ó ń dun olùbánisọ̀rọ̀ yìí. Ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún kàlẹ́ńdà ìjọba lọ. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ní 2024 àti ọjọ́ 8 oṣù náà ní 2025. Ní 2026, ìparí oṣù Karùn-ún ló kàn án. Olóòtú tó kọ “oṣù Kẹfà” sára ògiri máa pẹ́ dé ọjà. Lẹ́yìn náà, yóò fi oṣù Kẹfà 2026 wé ti 2025, yóò sì kígbe pé èrò ti tú, nígbà tó jẹ́ pé ọdún ló ṣí kúrò. Ọ̀sẹ̀ ọdún ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ ọdún, kì í ṣe oṣù sí oṣù. Ó ya olùbánisọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán Mùsùlùmí inú yàrá yìí létí.

Àkókò ti ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ gbogbo ìgbà kì í gbó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, 2025, Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, wàjà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo àròkọ tó ní Adétọ̀nà ni ọba Ìjẹ̀bú di àṣìṣe. Olóòtú tó mọ àwọn tí orúkọ yẹn wà nínú wọn tún wọn ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, àròkọ rẹ̀ lórí ilé ọlọ́ba mẹ́rin sì wà nílẹ̀ de àwọn tó ń béèrè ẹni tó kàn.

Àdírẹ́sì ojú ewé ńkọ́? `/ojude-oba` ni kó jẹ́, kì í ṣe `/ojude-oba-2024`. Bí àdírẹ́sì bá ń yí lọ́dọọdún, ọdọọdún ni ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àwọn tó sì ti tọ́ka sí ti àtijọ́ kò ní bá yín mọ́. Ẹ tún ojú ewé kan náà ṣe: ọjọ́ tuntun lókè, àwòrán àná nísàlẹ̀. Ẹ má kàn pa déètì dà láìfi nǹkan kún un. Google kìlọ̀ nípa irú ìyẹn.

Ìwọ̀n, ní ṣókí. Ẹ fi ojú kúrò lára òkè téńté, ẹ wo ilẹ̀ tó yí i ká: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọdún àti ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí òǹkàwé bá jẹ́ 3,000 lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì padà sí 3,000, ọdún náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Bó bá dúró sí 3,900, òǹkàwé 900 ti jókòó.

Alága ti ń wo aago. Abala tó wà lórí ìbò àti bọ́ọ̀lù wà nínú ìwé tí wọ́n máa pín lẹ́nu ọ̀nà.