Gbígba Ohùn Ẹgbẹ́ Akọrin Sílẹ̀



Ní ìlú Bìní níhìn-ín, ẹgbẹ́ akọrin wa ní orin Yorùbá kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Bàbá àgbà kan ṣoṣo ni ó mọ ipa báàsì rẹ̀ délẹ̀, Bàbá sì fẹ́ padà sí Iléṣà. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré lọ síbi ìdánrawò orin, pẹ̀lú maikirofóònù méjì tí ó bára dọ́gba.

Ní àkọ́kọ́, a gbé wọn sórí tábìlì nítòsí ìlà iwájú. Nígbà tí a tẹ́tí sí ohun tí a gbà, ohùn obìnrin kan ti bo gbogbo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀. A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ Bàbá tí ó wà lẹ́yìn.

A wá gbé méjèèjì sórí òpó tí ó ga ní mítà 2.5, ní mítà 3 sí ìlà iwájú, a sì dojú wọn kọ ìlà ẹ̀yìn. Láti òkè bẹ́ẹ̀, ẹni iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ wọn ju ẹni ẹ̀yìn lọ mọ́. Orí wọn jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 17, bí etí ènìyàn; ọ̀kan kọjú sí òsì, èkejì sí ọ̀tún, igun àárín wọn sì jẹ́ dígírì 110. Àwọn oníṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀, ORTF ni a sì ń pè é. Bí ohùn bá dún bí ẹni pé ó ti inú kànga wá, ẹ sún òpó síwájú. Bí ohùn ẹnì kan bá yọ ju ti ẹgbẹ́ lọ, ẹ fà á sẹ́yìn.

A ní kí wọ́n kọ ibi tí orin ti ròkè jù lọ, a sì yí bọ́tìnnì títí àmì ojú ẹ̀rọ fi dúró nítòsí -12. Bí ó bá kan 0, ohùn yóò fọ́, kò sì sí àtúnṣe.

Jẹnẹrétọ̀ ni ó kù. Ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ sábà máa ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkùn rẹ̀ sì ń bọ́ sí ààyè ohùn báàsì. Bọ́tìnnì tí ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò ì bá gé díẹ̀ lára ohùn Bàbá mọ́ ọn. Nítorí náà a pa á, a pa fáànù pẹ̀lú, a fi bátìrì lo ẹ̀rọ, wọ́n sì kọrin lábẹ́ àtùpà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́. Ní ìgbà kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, ó sì bo gbogbo rẹ̀; ti ìgbà kejì ni a pa mọ́. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ọ, ó ní, "Èmi nìyẹn." Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì dá a lóhùn pé, "A gbọ́ yín, Bàbá."

Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ipa náà báyìí. Ó dìgbà kan ná.