Ẹ Dákẹ́ Díẹ̀ Kí Ẹ Tó Tẹ̀síwájú

Ẹ̀yin olùkọ́ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ní 1968, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Atkinson àti Shiffrin, ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ máa ń gba inú ìrántí kúkúrú kọjá kó tó wọ ìrántí pípẹ́. Ìrántí kúkúrú yìí há gan-an: ní 2001, onímọ̀ mìíràn, Cowan, sọ pé nǹkan bíi 4 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ 1/2 + 1/3. Ọmọ gbọ́dọ̀ di 6 mú, kó rántí 3/6 bó ṣe ń wá 2/6, kó tó ro wọ́n pọ̀. Bí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ lọ lásìkò yẹn, 3/6 ti bọ́ nìyẹn. Ọmọ náà á padà síbẹ̀rẹ̀, tàbí kó kàn kọ 2/5. Ẹ kọ 3/6 sójú pátákó, ẹ dákẹ́, kí àwọn ọmọ dá ìgbésẹ̀ kan ṣe kí ẹ tó mú òmíràn wá.